Róbótó tó ń yún ọmọ lára: ṣé làpálàpá ni àbí ẹ́kísímà?

Ọmọ dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ń họ apá. Ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó rí ohun kan tó rí róbótó bí owó kọ́bọ̀, tó gbẹ, tó sì ń funfun. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òbí ni pé, "Làpálàpá ti mú un." Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti rán ẹnì kan lọ sí kẹ́mísì lọ ra ìpara, wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ọmọ lára.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làpálàpá lóòótọ́. Ó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí pé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, làpálàpá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe ohunkóhun tó bá yọ róbótó sára tó sì ń yún. Àmọ́ nǹkan méjì tí kò bára wọn tan ló wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí, oògùn tó sì ń wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́ pátápátá.

Èkíní ni làpálàpá gidi. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é ní aràn nínú, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí kan fi máa ń fún ọmọ ní oògùn aràn lò. Kò sí aràn kankan níbẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, ìyẹn ẹbí ohun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá ti bu. Ó máa ń jẹ awọ tó ti kú lókè ara, irun àti èékánná. Ó máa ń ràn láti ara ọmọ kan sí òmíràn, láti ara ológbò tàbí ajá, tàbí láti ara kóòmù, fìlà, táwẹ́ẹ̀lì àti kílípà onígbàjámọ̀.

Èkejì ni ẹ́kísímà. Kì í ṣe kòkòrò ló fà á, kì í sì í ràn. Awọ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni kò lè di omi ara mú dáadáa, ó wá ń gbẹ, ohun kékeré sì ń bí i nínú. Oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń yọ róbótó bí owó, òun gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ọmọ tí èyí bá ń ṣe lè jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì. Tíṣà tó bá lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sílé nítorí kó má baà kó o ran àwọn tó kù ṣe àṣìṣe.

Ẹ wo etí rẹ̀, ẹ tún wo àárín rẹ̀

Kí ẹ tó wò ó rárá, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má fi ohunkóhun pa ojú ibẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ì báà ṣe fasilíìnì, ì báà ṣe òrí, ì báà ṣe epo. Ìdí ni pé nǹkan ọ̀rá máa ń bo ìpẹ́ mọ́lẹ̀, ojú ibẹ̀ á sì máa dán bíi pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń wo ara ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ̀ fún un tí wọ́n sì ti fi ìpara ra á lára, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rí ohun tó yẹ kí wọ́n rí. Àárọ̀ ni kí ẹ wò ó, kí ọmọ tó wẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ má retí pé ẹ máa rí pupa. Àwọn àwòrán tó pọ̀ jù lọ lórí ẹ̀rọ ayélujára, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti yà wọ́n, wọ́n á sì sọ pé òrùka pupa ni làpálàpá. Lára tiwa, etí náà lè jẹ́ dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, ó lè jẹ́ àwọ̀ eérú, ó sì lè dà bí àwọ̀ ọsàn àgbálùmọ̀ tó ti ń ṣú. Ìka ọwọ́ sì máa ń ríran ju ojú lọ níbí. Ẹ di ojú yín, kí ẹ fi orí ìka tọ́ ọ láti ibi tí awọ ti dára lọ sí àárín róbótó náà.

Bó bá jẹ́ làpálàpá, ìka yín á kọ́kọ́ gun orí nǹkan kan bí okùn tín-ín-rín tó yí ibẹ̀ ká, tó ga díẹ̀, tó le, tó sì ń ṣí pẹ́pẹ̀pẹ́. Nígbà míì, ẹ lè kan àwọn róró kéékèèké lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka yín á sọ̀ kalẹ̀ sí àárín, ẹ ó sì rí i pé àárín ń jọ̀lọ̀, bíi pé ó ti ń san. Ìdí rẹ̀ ni pé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń jẹun lọ síta. Ibi tó ti jẹ tán ló ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn, ibi tó wà báyìí ni etí. Ó dà bí ìgbà tí iná bá ń jó pápá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ibi tí iná wà ni etí, àárín ti kú sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ́kísímà olówó kọ́bọ̀, ìka yín kò ní kan okùn kankan. Láti etí dé àárín, bákan náà ló máa rí: ó nípọn, ó ń ha ìka, ó gbẹ níbi gbogbo, tàbí kó máa ṣomi níbi gbogbo. Ìṣomi yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹ́kísímà róbótó máa ń tú omi mímọ́ tó lẹ̀ mọ́ aṣọ, omi náà á wá gbẹ di eépá. Làpálàpá tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Làpálàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í tíì ní òrùka. Bí ó bá kéré bí orí ìka, gbogbo rẹ̀ ló máa ń ní ìpẹ́. Ẹ́kísímà tó sì ti ń san lè kọ́kọ́ san láàárín, kó wá jọ òrùka. Nítorí náà, ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ṣìnà. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, tí ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín méjèèjì, kò ní sábà ṣìnà.

Bíró lè ṣe iṣẹ́ dókítà díẹ̀

Ẹ mú bíró, kí ẹ fi fa ìlà yí etí róbótó náà ká, kí ìlà náà wà lórí etí gan-an. Ẹ yà á sórí fóònù, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìwẹ̀ bá pa ìlà náà rẹ́, ẹ tún un fà sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe sójú ibi tí etí bá wà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ wò ó. Làpálàpá tí kò rí oògùn máa ń kọjá ìlà náà, ó sì máa ń fẹ̀ déédéé ní gbogbo àyíká, bí ìgbà tí wọ́n bá ju òkúta sínú omi. Ẹ́kísímà róbótó kì í sábà rìn bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣókùnkùn sí i, ó lè nípọn sí i, ó lè rọ̀ nígbà tí ooru bá dé, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló sábà máa ń wà. Bó bá fẹ́ pọ̀ sí i, ńṣe ni òmíràn á yọ níbòmíràn.

Bí ẹ bá ń dúró de ọjọ́ méje yìí, fasilíìnì lásán ò lè pa ọmọ lára, kódà ó lè jẹ́ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni kí ẹ máa fi pa á. Ẹ́kísímà tí kò tíì le máa ń rọjú díẹ̀. Làpálàpá ò ní ka fasilíìnì sí, á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ẹ tún bọ́ aṣọ ọmọ náà, kí ẹ wo gbogbo ara. Àwọn òbí kì í sábà ṣe èyí. Apá tí ọmọ bá nà sí wọn nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ́kísímà fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: bó bá wà ní ojúgun ọ̀tún, ẹ ó rí i pé nǹkan kan wà ní ojúgun òsì pẹ̀lú. Ẹ wo inú ìgúnpá níbi tí apá ti ń ká, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, ẹ wo ọrùn. Bí ibẹ̀ bá nípọn, tó dúdú, tó ní róró kéékèèké, tí gbogbo ara ọmọ sì ń funfun bí ẹni tó jókòó sínú ọyẹ́ kódà lásìkò òjò, ẹ́kísímà ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ẹ bi ara yín pẹ̀lú bóyá ó ti ń ṣe é láti kékeré, tàbí bóyá ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní ásímà wà nínú ẹbí, torí wọ́n máa ń bára wọn rìn.

Làpálàpá kì í tẹ̀ lé irú òfin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn. Ọ̀kan lè wà lọ́rùn, kí òmíràn wà ní ìdí. Ìbéèrè tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni: ta ni òun náà ń họ ara nínú ilé? Ta ni wọ́n jọ ń sùn? Ṣé ó ti gbé ọmọ ológbò kan láìpẹ́ yìí? Ìgbà wo ló gé irun gbẹ̀yìn? Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ìfarakanra kó tó hàn lára, torí náà ẹ ronú sẹ́yìn dáadáa.

Ìpara àpapọ̀: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Bí ẹ bá wọ kẹ́mísì tí ẹ ní ẹ fẹ́ ìpara làpálàpá, ohun tí wọ́n sábà máa ń nà sí yín ni túùbù kan tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀: ọ̀kan fún fọ́ńgọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún kòkòrò bakitéríà, ọ̀kan sì jẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára. Èrò wọn ni pé ohunkóhun tí ì báà jẹ́, ọ̀kan nínú mẹ́ta á bá a. Ó dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ awọ ara kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Sitẹ́rọ́ọ̀dù máa ń pa iná ara. Kì í pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ohun tó ń mú kí làpálàpá yún, kí etí rẹ̀ sì ga, ni ìjà tí ara ọmọ ń bá a jà. Sitẹ́rọ́ọ̀dù á ní kí ara jáwọ́ nínú ìjà. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, yíyún á dáwọ́ dúró, etí á rọ̀ sílẹ̀, ìyá á sì dúpẹ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì wá rí ààyè. Ó ń tàn lọ lábẹ́lẹ̀, láìní òrùka tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀. Bí wọ́n bá dáwọ́ ìpara dúró, á bẹ́ sílẹ̀ ní ìlọ́po, etí rẹ̀ á ti rú, kò ní jọ làpálàpá mọ́, kò sì ní jọ ẹ́kísímà. Àwọn dókítà awọ ara ní orúkọ fún un: làpálàpá tó para dà. Kódà àwọn fúnra wọn, ó lè tàn wọ́n jẹ bí wọn kò bá béèrè ohun tí wọ́n ti fi pa á tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ pẹ́, awọ ọmọ á fẹ́lẹ́, ìlà bíi ti inú aboyún lè yọ sí i, àpá náà kì í sì í lọ bọ̀rọ̀.

Ẹ ka ara túùbù kí ẹ tó sanwó. Ẹ ò nílò láti mọ òyìnbó púpọ̀. Orúkọ oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ jù ni kilotirimasóòlù, àwọn lẹ́tà 5 tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni a, z, o, l, e. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń parí sí bẹ́ẹ̀. Bẹtamẹtasóònù, dẹsamẹtasóònù àti haidirokọtisóònù, sitẹ́rọ́ọ̀dù ni wọ́n, s, o, n, e ló sì gbẹ̀yìn orúkọ wọn. Èyí tó léwu jù ni kilobẹtasóòlù, torí pé ó jọ kilotirimasóòlù lójú. Lẹ́tà 3 àkọ́kọ́ orúkọ méjèèjì, c, l, o ni. Lẹ́tà kẹrin ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ t, fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń pa. Bó bá jẹ́ b, sitẹ́rọ́ọ̀dù ni, ọ̀kan nínú èyí tó lágbára jù lọ sì ni. Bí ẹ bá rí orúkọ méjèèjì lórí túùbù kan náà, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ ní èyí tó jẹ́ kilotirimasóòlù nìkan lẹ fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ewé náà ń kọ́? Ewé àsúnwọ̀n òyìnbó ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbà fún làpálàpá tipẹ́, àyẹ̀wò ní yàrá ìwádìí sì ti fi hàn pé omi rẹ̀ lè ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì ní nǹkan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó wà nínú èyí tí wọ́n gún lónìí yàtọ̀ sí ti àná, bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ẹ́kísímà ló wà níbẹ̀, títa tó máa ta á á sọ ọ́ di egbò. Omi bátìrì, jíìkì àti kẹrosíìnì tí àwọn kan ń lò kò tilẹ̀ sí nínú ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Iná ni wọ́n fi ń jó ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ méjì nínú ilé kan

Ká mú ilé kan ní Ìbàdàn bí àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin ọdún 8, tó wà ní kíláàsì kẹta, róbótó kan yọ sí i lápá òsì ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ara gbogbo ènìyàn ló ń gbẹ lásìkò náà, torí náà ìyá rẹ̀ kò ka ìpẹ́ náà sí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra ìpara àpapọ̀. Ọjọ́ kẹta, yíyún dáwọ́ dúró. Ọjọ́ kẹwàá, túùbù tán. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó padà, ó sì ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò ní òrùka mọ́, àmì kéékèèké kan tú ká sórí apá rẹ̀. Wọ́n ra túùbù kejì. Ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀. Aládùúgbò kan wá ní, "Ìyá Ìbejì, èyí kì í ṣe làpálàpá mọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni ò mọ́."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, ló tú àṣírí. Irun já ní ibì kan lórí rẹ̀, ojú ibẹ̀ ń funfun, ó sì dà bíi pé wọ́n ta àmì dúdú kéékèèké sí i. Àwọn àmì dúdú yẹn ni kùkùté irun tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti já mọ́ awọ. Kókó kéékèèké méjì tún wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń sùn lórí ẹní kan, wọ́n sì jọ ń lo táwẹ́ẹ̀lì kan.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Kí lẹ ti fi pa á?" Ìyá náà mú túùbù jáde nínú báàgì. Ohun tó dára jù tó ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Wọ́n ní kó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n fi abẹ kékeré ha ìpẹ́ díẹ̀ láti etí, kì í ṣe láti àárín, torí etí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń gbé. Wọ́n fa kùkùté irun díẹ̀ lórí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kán oògùn kan sí i tó ń yọ́ awọ ṣùgbọ́n tí kì í yọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi máíkírósíkópù wò ó. Fọ́nrán gígùn tó ní ẹ̀ka bí okùn òwú ló hàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ́ parí síbẹ̀.

Kilotirimasóòlù nìkan, tó jẹ́ ìdá 1 nínú 100, ni wọ́n fún ọmọbìnrin náà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ fi pa á kọjá etí, tó ìbú ìka méjì sórí awọ tó dára, torí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti máa ń dé iwájú ibi tí ojú ń rí. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn èèyàn ti ń kùnà ni pé wọ́n máa ń dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí ojú ibẹ̀ bá ti jọ̀lọ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 kún un lẹ́yìn tí kò bá sí ohun tí ojú ń rí mọ́. Nítorí sitẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún ìyá náà pé yíyún lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ mélòó kan, kó má baà sá padà sídìí túùbù àtijọ́.

Ti àbúrò rẹ̀ yàtọ̀. Ìpara ò lè wo làpálàpá orí, torí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti wọ inú gbòǹgbò irun, ibẹ̀ sì jìn ju ibi tí ìpara lè dé lọ. Oògùn jíjẹ tí wọ́n ń pè ní girisiofúlífíìnì ni wọ́n kọ fún un. Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀ fún ọmọ yín. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló sábà máa ń gbà, oúnjẹ tó ní ọ̀rá ni wọ́n sì máa ń fi í jẹ, bíi wàrà tàbí ẹyin, torí ìyẹn ló ń gbé e wọ inú ara. Wọ́n ní kí wọ́n wo orí gbogbo ọmọ tó kù nínú ilé, kí wọ́n sá aṣọ orí ibùsùn sí oòrùn lẹ́yìn tí wọ́n bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì pín táwẹ́ẹ̀lì, kóòmù tàbí fìlà. Àwọn ọmọ méjèèjì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì. Bí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ìdí láti dá wọn dúró sílé.

Bó bá wá jẹ́ ẹ́kísímà ńkọ́?

Ká sọ pé nínú kíláàsì ọmọbìnrin yẹn, ọmọkùnrin kan wà tí róbótó méjì wà ní ojúgun ọ̀tún rẹ̀, tí ọ̀kan sì wà ní tòsì. Wọ́n ń ṣomi, wọ́n ti fi kilotirimasóòlù pa á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, nǹkan kan ò yí padà. Ìyẹn gan-an jẹ́ ẹ̀rí: làpálàpá ara tí wọ́n fi oògùn tó tọ́ pa déédéé fún ọ̀sẹ̀ 2 yẹ kó ti máa kẹ́rù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ bá dókítà. Ẹ má kàn gbé ìpara tó lágbára jù ú lọ.

Ìtọ́jú ẹ́kísímà bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwẹ̀, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe é lódì. Kànrìnkànrìn líle, ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ apakòkòrò tí òórùn rẹ̀ le, ńṣe ni wọ́n ń ha ọ̀rá tó kù lára ọmọ dànù. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ, pẹ̀lú ọwọ́ lásán àti ọṣẹ tí kò ní òórùn. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, ẹ má nù ún kíkankíkan. Kí ara rẹ̀ tó gbẹ tán, láàárín ìṣẹ́jú bíi 3, ẹ fi fasilíìnì tàbí òrí tí kò ní òórùn pa gbogbo ara, kì í ṣe ojú ibi tó ń yún nìkan. Ẹ tún un ṣe lálẹ́. Dókítà lè kọ ìpara sitẹ́rọ́ọ̀dù fún ojú ibi tó le, níbí ni sitẹ́rọ́ọ̀dù ti wúlò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ọjọ́ orí ọmọ àti ibi tó wà mu ni, fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí eépá rẹ̀ bá di àwọ̀ oyin, tó ń rùn, tó ń wú, tàbí tí ara ọmọ gbóná, bakitéríà ti wọ̀ ọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí ẹ fi bíró dúró dè rárá. Róbótó tó wà lórí níbi irun, tó wà nítòsí ojú, tàbí èyí tó wú rọ̀mùrọ̀mù lórí tó ń yọ ọyún, ilé ìwòsàn ni. Ọyún orí yẹn lè mú kí irun má hù mọ́ níbẹ̀ títí láé bó bá pẹ́. Òmíràn ni èyí tí kò yún. Bí ojú awọ kan bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ju ara tó kù lọ, tí ẹ fi òwú kàn án nígbà tí ọmọ dijú, tí kò sì mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun, ọ̀rọ̀ làpálàpá àti ẹ́kísímà kọ́ nìyẹn mọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò ní sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara.

Ní ti ọmọbìnrin Ìbàdàn yẹn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5, ìpẹ́ ti tán, yíyún ti lọ. Àmọ́ àmì dúdú róbótó ṣì wà lápá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń wò ó pé bóyá kò tíì san. Nọ́ọ̀sì ní kó fi ìka tọ́ ọ: ó ń jọ̀lọ̀, kò ga níbì kankan, kò sì ní ìpẹ́. Àpá ni, kì í ṣe àrùn mọ́. Ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó wọ ara, wọ́n sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé kó má ra ìpara abóra láti fi lé e.